Ọ̀gá ní kí n kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, kí n sọ fún wọn pé iṣẹ́ àwọn kan ti tán

Àdùkẹ́ Ọ̀tà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo wà ní ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Ọ̀tà níbí. Àwa 214 la wà níbẹ̀. Ẹ̀ka tó ń ṣe ìgò oògùn máa kógbá wọlé, ènìyàn 36 ló sì máa lọ. Ọ̀gá àgbà ní ká ṣe táùn-họ́ọ̀lù ní Ọjọ́rú: kí n ka àlàyé, kí n lẹ orúkọ mọ́ bọ́ọ̀dù, kí gbogbo rẹ̀ parí láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Yúníọ̀nù ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí mi ò ní purọ́, tí mi ò sì ní tàbùkù ẹnikẹ́ni?

———

Bàbá Agbára

Àdùkẹ́, kọ́kọ́ ní kí ọ̀gá rẹ dá Ọjọ́rú yẹn dúró ná.

Abala 20 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ ju ohun tí ilé-iṣẹ́ nílò lọ, tí wọ́n sì fẹ́ dín wọn kù, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti bó ṣe máa pọ̀ tó fún yúníọ̀nù tàbí aṣojú òṣìṣẹ́. Òfin ò dárúkọ iye ọjọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń yọ́ gbà. Wọ́n á pe alága yúníọ̀nù sí ọ́fíìsì ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìpàdé á bẹ̀rẹ̀ ní aago méje, wọ́n á ní àwọn ti sọ fún un. Ṣùgbọ́n abala yẹn kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ sa gbogbo ipá rẹ̀ láti jíròrò owó tí wọ́n máa fún àwọn tó ń lọ. Ta ló ń dúnàádúrà owó ènìyàn 36 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá?

Ti bọ́ọ̀dù yẹn, má tiẹ̀ dá a lábàá. Ohun tó kan gbogbo èèyàn là ń sọ níwájú gbogbo èèyàn: kí ló ṣẹlẹ̀, ẹ̀ka wo ni, iṣẹ́ mélòó, báwo la ṣe máa yàn, ọjọ́ wo, owó wo. Ká ní Ṣadé wà lára àwọn tó ń lọ, orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn. Inú yàrá ni Ṣadé ti ń gbọ́ tirẹ̀, lójúkojú, pẹ̀lú lẹ́tà tí iye owó rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀.

———

Akin Báńkì

Bàbá, ẹ má bínú, ohun tí ẹ ń sọ yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe láyé yìí. Bí ẹ bá sọ fún yúníọ̀nù láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti wà lórí Wasáàpù. Lálẹ́, wọ́n ti tú ẹ̀rọ palẹ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ìméèlì ló ń wọlé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí o bá fi máa kà á tán, káàdì rẹ ò ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Ó burú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ba nǹkan kan jẹ́.

———

Ìyá Ìbejì Ìbàdàn

Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe fún àwa náà nìyẹn nígbà tí mo wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Gbọ̀ngàn káńsù ni wọ́n kó wa sí, akọ̀wé kan dìde, ó ń ka orúkọ láti A. Láti A o! Orúkọ mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú W. Gbogbo àkókò yẹn mo jókòó, mò ń gbọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ké. Kò tiẹ̀ sí orúkọ mi níbẹ̀ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n títí dòní bí mo bá gbọ́ “ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́” láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àyà mi á já.

Àdùkẹ́, lọ bá alága káńsù yín. Kí igbákejì gómìnà dá sí i.

———

Àdùkẹ́ Ọ̀tà

Ẹ ṣé, mà. Kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ o, ilé-iṣẹ́ aládàáni ni. Ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní táùn-họ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yẹn, mo fi han ọ̀gá mi. Ó dákẹ́.

———

Yẹmí Pẹ́kámù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Níbí ní Bìrìtéènì, bí agbanisíṣẹ́ bá fẹ́ dá ènìyàn 20 títí dé 99 dúró níbì kan náà láàárín 90 ọjọ́, ó kéré tán, 30 ọjọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò àti ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ máa kúrò. Bó bá tó 100, ó di 45. Èmi fúnra mi ti gba lẹ́tà tó ní iṣẹ́ mi “wà nínú ewu”, kí wọ́n tó yan ẹnikẹ́ni. Kí Àdùkẹ́ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé 30 ọjọ́ ni òfin sọ.

———

Bàbá Agbára

Yẹmí, òfin tiyín nìyẹn, kì í ṣe tiwa. Bí Àdùkẹ́ bá lọ sọ 30 ọjọ́ fún ọ̀gá, lọ́yà ilé-iṣẹ́ á fi í rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ní gbọ́ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà “wà nínú ewu” tí o gbà yẹn, ọgbọ́n tí mo fẹ́ kí Àdùkẹ́ yá nìyẹn, nítorí ó máa tán ìṣòro Akin pẹ̀lú.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé wọ́n fẹ́ fi ìpàdé kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ méjì. Ìpàdé méjì ló yẹ kó wà.

Ti àkọ́kọ́, ọjọ́ tí yúníọ̀nù gba lẹ́tà gan-an ni, tàbí àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò pẹ́. Wọ́n á sọ pé ẹ̀ka ìgò oògùn fẹ́ pa, iṣẹ́ bí 36 ló kàn, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá yúníọ̀nù sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe máa yàn àti owó, a ò tíì yan ẹnikẹ́ni, ọjọ́ báyìí ni olúkúlùkù máa mọ ibi tí òun wà. Tí a bá sọ pé a ò tíì yan ẹnikẹ́ni, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Bí àkọsílẹ̀ bá ti wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá, kí wọ́n má sọ ọ́, nítorí ìwé yẹn máa jáde lọ́jọ́ kan, bóyá níwájú adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Iṣẹ́ pàápàá.

Ìpàdé kejì, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn náà, ni ti ìpinnu. Ọjọ́ yẹn náà ni lẹ́tà ń jáde.

Akin, Wasáàpù tí ò ń bẹ̀rù yẹn, kí ló fẹ́ gbé kiri mọ́? Ohun tí ọ̀gá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Àhesọ tó ń ba ilé-iṣẹ́ jẹ́ ni èyí tí kò ní iye: ẹnìkan á gbọ́ pé “wọ́n ń dín èèyàn kù”, kó tó di alẹ́ àádọ́jọ ló ń lọ. Àwọn 178 tí ọ̀rọ̀ ò kàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́, àwọn tó mọṣẹ́ jù lọ ló sì ń kọ́kọ́ rí i.

Ti ẹ̀rọ títú palẹ̀, ẹ ka ọjà inú sítọ́ọ̀ kí ẹ sì tì í bí ẹ ṣe máa ń ṣe nígbà ìsinmi Kérésì. Ìyẹn tó. Mo ti rí ibi tí wọ́n kó mọ́pọ́ọ̀lù dúró sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan tí ọ̀gá sọ lọ́jọ́ yẹn, ìbọn ni gbogbo wọn ń wò.

———

Ọmọ Yúníọ̀nù

Akọ̀wé ẹ̀ka yúníọ̀nù ni mí, nílé-iṣẹ́ mìíràn. Bàbá ti sọ èyí tó pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi èyí tó ṣe kókó jù sílẹ̀. Kò sí pé wọ́n ń yàn rárá. Òfin ti yàn. Ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ó tán. Àdùkẹ́ kàn máa to orúkọ nípa ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ ni, á ka 36 láti ìsàlẹ̀.

———

Bàbá Agbára

Ìdajì òótọ́ nìyẹn, akọ̀wé. Òfin sọ pé ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ nínú irú òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, títí kan ìmọ̀ iṣẹ́, agbára láti ṣe é, àti bí ẹni náà ṣe ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó. Ká ní Jọ́ọ̀jì ló dé kẹ́yìn, ṣùgbọ́n òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tún mọ́ọ̀dù ṣe. Ilé-iṣẹ́ lè mú Jọ́ọ̀jì dúró.

Ibẹ̀ sì ni ìwà ìbàjẹ́ ti ń wọlé, mi ò ní tan ara wa jẹ. “Ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé” lè di ẹni tó ń kí máníjà dáadáa. Nítorí náà, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa wò sílẹ̀, kí yúníọ̀nù rí i, kí wọ́n sì sọ ọ́ nínú ìpàdé ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ ẹni tó kàn. Bí wọ́n bá ní ìwé ìkìlọ̀ làwọn máa wò, kó jẹ́ èyí tó wà nínú fáìlì, kì í ṣe èyí tí súpáfáísọ̀ rántí.

Àwọn súpáfáísọ̀ àti àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ńkọ́? “Òṣìṣẹ́” tí Òfin Iṣẹ́ ń sọ kò kan gbogbo èèyàn, kò kan àwọn tó wà nípò alákòóso àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ wọn ló ń sọ tiwọn. Àdùkẹ́, wo iye irú wọn tó wà nínú 36 yẹn.

———

Ọmọ Yúníọ̀nù

Mo gbọ́, bàbá. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti gbé ọ̀rọ̀ “ìmọ̀ iṣẹ́” dé, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sókè nínú ìpàdé yúníọ̀nù ló ń bá a lọ. Mi ò gbà.

———

Kásúálù Ni Mí

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan. Àwa tí ajẹ́ńsì mú wá ńkọ́? Ọdún mẹ́rin ni mo fi wà nídìí ẹ̀rọ kan náà. Nígbà tí wọ́n ṣe irú ìpàdé yìí níbi tí mo wà, wọ́n ní “òṣìṣẹ́ nìkan” ni kó wọlé. Àwa ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ níta. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gétìmáànù ló sọ fún mi pé wọ́n ò fi orúkọ mi sílẹ̀ ní géètì.

———

Bàbá Agbára

Ó mà ṣe o. Nínú ìwé, agbanisíṣẹ́ rẹ ni ajẹ́ńsì, àwọn ló yẹ kí wọ́n fún ọ ní lẹ́tà àti àkókò ìkìlọ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ló mọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ máa dúró. Bí Àdùkẹ́ bá ní kásúálù nídìí ẹ̀rọ ìgò yẹn, kí aṣojú ajẹ́ńsì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n wọ gbọ̀ngàn. Bóyá owó wọn máa tó nǹkan kan, ìyẹn ni mi ò lè ṣèlérí. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ti wà lórí ta ni ọ̀gá kásúálù gan-an, ibi tó bá ẹnìkan dé kò ní bá ẹlòmíràn dé.

———

Àdùkẹ́ Ọ̀tà

Mo ti dé o. Ọ̀gá gbà. Lẹ́tà yúníọ̀nù jáde lánàá. Kásúálù 9 wà nídìí ẹ̀rọ yẹn, mi ò tiẹ̀ kà wọ́n mọ́ 36 tẹ́lẹ̀. Súpáfáísọ̀ 3 ló wà nínú 36 náà.

Ìpàdé àkọ́kọ́ ló kù. Ẹnìkan lọ́dọ̀ wa ti kọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá máa kà. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ẹ̀yin ẹbí wa ọ̀wọ́n, nítorí ìtúntò tó máa mú ilé-iṣẹ́ wa dé ibi gíga…” Ojú mi ń tì mí.

———

Akin Báńkì

Hahaha! “Ẹbí”! Ta ló ń lé ẹbí?

———

Bàbá Agbára

Akin, lónìí mo wà lẹ́yìn rẹ. Yọ ẹbí kúrò. Yọ ibi gíga náà kúrò, nítorí àwọn tó ń lọ kò ní bá yín dé ibẹ̀.

Àwọn èèyàn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbọ́ nígbà tí ilé-iṣẹ́ oògùn Gíláksò kéde ní oṣù kẹjọ 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà. Wọ́n gbọ́ nígbà tí ilé-iṣẹ́ Pírókítà àti Gáńbù kéde ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà pé àwọn kò ní máa ṣe ọjà níbí mọ́, òkè òkun ni wọ́n á ti máa kó o wọlé. Ẹni tó ń ṣe ìgò mọ̀ pé bí oògùn bá ti ń wọlé nínú ìgò rẹ̀ láti ìta, kò sẹ́ni tó máa ra ìgò Ọ̀tà. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí èmi bá ni ọ̀gá rẹ, ohun tí mo máa sọ nìyí:

“Ẹ káàárọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dára, mi ò sì ní fi gùn. A fẹ́ pa ẹ̀ka ìgò oògùn. Àwọn oníbàárà méjì tó ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ìgò yẹn ti dáwọ́ dúró, a ti wá òmíràn, a ò rí. Iṣẹ́ 36 ló kàn. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni nínú yín ṣe ohun tí kò dáa. A fún yúníọ̀nù ní lẹ́tà lánàá. A máa jókòó pẹ̀lú wọn lórí bí a ṣe máa yàn àti owó tí a máa san. A ò tíì yan ẹnikẹ́ni. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìsinsìnyí, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo yín máa mọ ibi tí ẹ wà. Ẹ bi mí ní ìbéèrè.”

Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Pijin, bí àwọn èèyàn yín bá ṣe rí. Ìbéèrè ni kó gba àkókò. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni kó sọ ọ́, kì í ṣe ìwọ. Ìwọ ò pa ẹ̀ka kankan.

Ìbéèrè tó máa gbé e ṣubú ni “Ṣé ó parí síbí?” Ẹnu á máa yún un kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ ilé-iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ wọn, ọ̀gá dìde ó ní “kò sí òmíràn mọ́”. Ọdún yẹn ò parí tí òmíràn fi dé. Láti ìgbà náà, bó bá ní owó oṣù máa wọlé lọ́la, àwọn èèyàn á lọ yá owó sílẹ̀ lónìí. Kó sọ pé: “Kò sí òmíràn nínú ètò tí mo mọ̀ títí di òpin ọdún yìí. Bó bá yí padà, yúníọ̀nù ló máa kọ́kọ́ gbọ́.” Kò dùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè dúró tì í.

———

Yẹmí Pẹ́kámù

Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, àwọn tó ṣiṣẹ́ alẹ́ ńkọ́? Nígbà tiwa, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ṣe é, gbogbo àwọn tó ṣe alẹ́ wà lójú oorun. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló jí i pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

———

Bàbá Agbára

Ìbéèrè gidi nìyí. Ní ilé-iṣẹ́ oníṣíìfù, ìgbà tí ṣíìfù ń pààrọ̀ ni àkókò tó dára jù. Bí alẹ́ bá ń parí ní aago méje, aago méje ni. Àwọn tó ń lọ sílé àti àwọn tó ń wọlé á jọ wà níbẹ̀, ẹ san owó ọkọ̀ fún ṣíìfù ọ̀sán kí wọ́n wá ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró. Bí ariwo ẹ̀rọ bá ń lọ lẹ́yìn, àwọn èèyàn á mọ̀ pé ìgò ṣe pàtàkì jù wọ́n lọ.

Ẹni tó wà ní ìsinmi, súpáfáísọ̀ rẹ̀ ni kó pè é láàárín wákàtí kan náà. Obìnrin tó wà ní ìsinmi ìbímọ, ẹ má kàn kó o mọ́ àwọn yòókù. Òfin Iṣẹ́ dá ààbò bò ó pé kí wọ́n má fún un ní ìwé ìdádúró nígbà tó wà nínú ìsinmi yẹn. Kí lọ́yà yẹ tirẹ̀ wò lọ́tọ̀.

———

Àdùkẹ́ Ọ̀tà

Ìpàdé àkọ́kọ́ ti kọjá. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn èèyàn bínú, àmọ́ wọ́n gbọ́. Kò sẹ́ni tó tú nǹkan kan. Kásúálù 9 wọlé, aṣojú ajẹ́ńsì ò yọjú.

Ó wá ku ìkejì. Báwo la ṣe máa ṣe ọjọ́ yẹn? Ìṣẹ́jú tó wà láàárín ìgbà tí ọ̀gá bá sọ̀rọ̀ tán àti ìgbà tí wọ́n máa pe ẹni 36 sínú yàrá ló ń dà mí láàmú.

———

Bàbá Agbára

Ṣírò rẹ̀. Tábìlì mẹ́ta, èèyàn méjì nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan: máníjà tó mọ ẹni náà, àti ẹnìkan láti ẹ̀ka tìrẹ. Ogún ìṣẹ́jú fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ènìyàn méjìlá ló máa kàn tábìlì kan, wákàtí mẹ́rin nìyẹn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, ẹ ti parí ní ọ̀sán gangan.

Kí gbogbo 214 gba àpòòwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa, lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ wọn, ní ẹ̀ka wọn, bí wọ́n bá ti jáde ní gbọ̀ngàn. Ti ẹni tó dúró sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ń bá a lọ. Ti ẹni tó ń lọ sọ pé ọ̀rọ̀ kàn án, ó sì ní aago àti yàrá tí wọ́n ti ń dúró dè é. Bí gbogbo èèyàn bá mú àpòòwé dání, kò sẹ́ni tí wọ́n lè nawọ́ sí.

———

Ọmọ Yúníọ̀nù

Mi ò fara mọ́ àpòòwé yẹn o. Ẹni tó bá ní aago mọ́kànlá á ti fi wákàtí mẹ́ta mọ̀ pé òun ń lọ, kò sì tíì mọ owó rẹ̀. Ẹ pe àwọn 36 ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìpàdé tó wáyé.

———

Bàbá Agbára

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ṣe ń ṣe é. Ẹ̀rù tèmi ni pé wọ́n á padà sílé lálẹ́ yẹn, wọ́n á sì máa gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n bí yúníọ̀nù Àdùkẹ́ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní bá wọn jà. Ohun tí mi ò ní gbà ni kí ilẹ̀ ṣú kí ẹnìkan má mọ.

Ti owó ni kí ẹ jẹ́ kó ṣe kedere jù. Wò ó báyìí. Ká ní oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ń gba 110,000 náírà lóṣù, ó ti lo ọdún méje. Nínú òfin, ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gba ìkìlọ̀ oṣù kan. Bí wọ́n bá ní kó máa lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, owó oṣù yẹn di tirẹ̀: 110,000. Ọjọ́ ìsinmi mẹ́jọ tí kò tíì lò, bí ẹ bá fi ọjọ́ iṣẹ́ 22 pín oṣù, 5,000 lójúmọ́, 40,000 nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni owó ìdínkù òṣìṣẹ́. Òfin Iṣẹ́ ò dárúkọ iye kankan fún ìyẹn. Àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ àti yúníọ̀nù jọ fọwọ́ sí ló ń sọ ọ́. Ká ní wọ́n fẹnu kò sí owó oṣù kan fún ọdún kan: 770,000. Àpapọ̀ rẹ̀ 920,000.

Ibi tí ẹkún ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀yáwó. Ó jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní 150,000. Bí ẹ bá yọ ọ́ láìsọ, ohun tó máa rí ní báńkì ni 770,000, ó sì máa sọ pé ẹ jí owó òun. Ẹ wo ohun tó fọwọ́ sí nígbà tó ń yá a. Bí ìwé yẹn ò bá fàyè gba yíyọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má yọ ọ́. Bó bá fàyè gbà á, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ní ìlà tirẹ̀. Kí ọjọ́ tí owó máa wọlé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe “láìpẹ́”.

Ti péńṣàn, ẹni tí kò tíì pé 50 ọdún, bó bá lo oṣù mẹ́rin láìrí iṣẹ́ míì, Òfin Péńṣàn 2014 fún un láyè láti béèrè ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú àpò péńṣàn rẹ̀. Wọ́n máa béèrè ìwé tó fi hàn pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fún un lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má jẹ́ kó padà wá sí géètì lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, níbi tí gétìmáànù tuntun ò mọ̀ ọ́n.

———

Kásúálù Ni Mí

Ṣé ẹni tó ń lọ lè kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ó dìgbà? Èmi ò kí ẹnikẹ́ni.

———

Bàbá Agbára

Ó lè kí wọn, ó yẹ kó kí wọn. Bí Àdùkẹ́ bá lè ṣe é, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé lẹ́yìn tó bá jáde nínú yàrá lọ pẹ̀lú owó ọjọ́ yẹn, kí ẹni tó bá fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ padà. Kí wọ́n má fi síkiọ́rítì tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ síbi lọ́kà rẹ̀.

———

Ọmọ Yúníọ̀nù

Àdùkẹ́, ohun kan ṣoṣo. Kó o tó dúró níwájú èèyàn láti sọ̀rọ̀ péńṣàn, lọ wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ yín ti ń san án. Ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń yọ lára owó wa, ìdá 10 tó jẹ́ ti agbanisíṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn owó oṣù ló yẹ kó ti dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Nínú irú ìpàdé yìí, ẹnìkan á gbé fóònù sókè, á ka ohun tó wà nínú àpò péńṣàn rẹ̀ jáde fún gbogbo gbọ̀ngàn.

———

Àdùkẹ́ Ọ̀tà

Mo lọ wò ó. Oṣù méjì ni wọn ò tíì san. Ti gbogbo wa, kì í ṣe ti àwọn 36 nìkan.

———

Akin Báńkì

Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ wá sọ òtítọ́ yẹn nínú gbọ̀ngàn, ká wò ó.

———

Bàbá Agbára

Wọ́n á sọ ọ́. Bí wọn ò bá lè san án kí ọjọ́ ìpàdé kejì tó pé, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé oṣù méjì wà nílẹ̀, oṣù wo àti oṣù wo, àti ọjọ́ tó máa wọlé, kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ti àwọn 36 ni kí wọ́n kọ́kọ́ san, nítorí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ, kò sẹ́ni tó máa rántí wọn ní ọ́fíìsì akáúńtì. Kí sì ni akáúńtáǹtì yín wí?

———

Àdùkẹ́ Ọ̀tà

Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Ó ní òun máa pè mí padà.